Bí A Ṣe Ń Yẹ Òǹkà Inú Ìjábọ̀ Owó Wò Kó Tó Jáde

Ìjábọ̀ owó tí kò tíì jáde kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Akápò ló kọ àtẹ owó, akọ̀wé ló kọ ọ̀rọ̀ alága, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà lò ló ya àwòrán òpó aláràbarà sí iwájú ìwé. Iye owó kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kò dọ́gba, ìwé tí wọ́n sì wò kọ ọ́ lè má jẹ́ ọ̀kan. Akápò lè ti ṣàtúnṣe sí àtẹ rẹ̀ lẹ́yìn tí akọ̀wé ti da iye àtijọ́ kọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ kà á bí ẹní ń ka ìtàn. Kí ó fi ohun tí ojú ewé kan sọ bi ojú ewé kejì léèrè, kí ó sì wò ó bóyá ẹnu wọn kò.

Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti ọ̀dítọ̀. Ọ̀dítọ̀ ń wo rìsíìtì, ó ń wo ìwé báńkì, ó ń ka ọjà inú yàrá ìkẹ́rùsí. Inú ìwé nìkan ni ẹni tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò ń wò. Bí ẹnìkan bá parọ́ iye kan, tó sì pa á mọ́ra ní gbogbo ibi tó ti fara hàn, ìyẹ̀wò yìí lè má rí i. Àmọ́ àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ìjábọ̀ owó kì í ṣe irọ́. Àdàkọ tó yẹ̀ ni, tàbí ìpìlẹ̀ tí kò tọ́, tàbí òǹkà tí a kò mọ ohun tí a fi wọ̀n ọ́n. Irú èyí kì í sá pamọ́ fún ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò.

Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Èmi ni mo ṣètò iye inú rẹ̀, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 620 fẹ́ gbé ìjábọ̀ ọdún 2024 jáde fún ìpàdé ọdọọdún. Àtẹ tó wà nínú rẹ̀ rèé, wọ́n sì kọ ₦'000 sí òkè rẹ̀:

| ₦'000 | 2023 | 2024 |
|---|---|---|
| Èlé lórí owó àyálò | 18,400 | 23,920 |
| Èrè lórí ọjà tí ẹgbẹ́ tà | 6,250 | 7,130 |
| Owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìtanràn | 1,150 | 950 |
| Àpapọ̀ owó tó wọlé | 25,800 | 32,000 |
| Ìnáwó | 15,480 | 20,160 |
| Èrè | 10,320 | 11,840 |

Ohun tí akọ̀wé wá kọ sínú ọ̀rọ̀ alága nìyí: “Ní ọdún 2024, àpapọ̀ owó tó wọlé fún ẹgbẹ́ wa jẹ́ ₦32 bílíọ̀nù, ó sì fi 19.4% ju ti ọdún 2023 lọ. Owó àyálò tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láàárín ọdún jẹ́ ₦293.2 mílíọ̀nù ní ìpíndọ́gba, èlé 10% la sì gbà lórí rẹ̀. Èrè wa pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá tí èrè kó nínú owó tó wọlé fi 3% dín kù.”

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, ó sì dùn-ún gbọ́ létí. Àṣìṣe mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní orísun tirẹ̀.

Ohun tí a fi ń wọn owó ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó ro ohunkóhun pọ̀. Àmì ₦'000 tó wà lókè àtẹ túmọ̀ sí pé ẹgbẹ̀rún náírà ni a fi ka gbogbo iye tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. 32,000 níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà lọ́nà 32,000, ìyẹn ₦32 mílíọ̀nù. Akọ̀wé kọ bílíọ̀nù. Níbo ló ti rí i? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lórí ọjà ìpín-ìdókòwò máa ń fi mílíọ̀nù náírà ka àtẹ wọn nígbà mìíràn, 32,000 nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ á sì jẹ́ ₦32 bílíọ̀nù. Ẹni tó bá ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, tàbí tó da ìlànà rẹ̀ kọ, lè fi ojú ìyẹn wo ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àmì yìí wà lókè àtẹ kan kó má sí lókè èkejì, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ìjábọ̀ kan náà lo ẹgbẹ̀rún ní ojú ewé 4 kó tún lo mílíọ̀nù ní ojú ewé 9 láì sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò tilẹ̀ rí àmì orí àtẹ yẹn ṣì lè mú àṣìṣe yìí. Kí ó pín iye náà fún àwọn ènìyàn tó kàn. ₦32 mílíọ̀nù fún ọmọ ẹgbẹ́ 620 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦52,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ìyẹn bá ẹgbẹ́ tó ń yá olùkọ́ àti oníṣòwò lówó mu. ₦32 bílíọ̀nù á jẹ́ bíi ₦52 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó máa gba èyí gbọ́ tí a bá gbé e ka iwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ló wúlò fún owó ìjọba. Ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún ọdún 2025 jẹ́ ₦54.99 tírílíọ̀nù. Bí a bá pín in fún ènìyàn 220 mílíọ̀nù, nǹkan bíi ₦250,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí akọ̀ròyìn bá ṣèèṣì kọ bílíọ̀nù dípò tírílíọ̀nù, ₦250 ló máa kù fún ọmọ Nàìjíríà kan fún odidi ọdún, owó tí kò ra búrẹ́dì. Bílíọ̀nù àti tírílíọ̀nù ti tóbi ju ohun tí ọkàn ènìyàn lè fojú rí lọ. Ìgbà tí a bá pín wọn kan orí ẹnì kan la tó lè mọ̀ bóyá wọ́n jọ òótọ́.

Àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ oníṣòwò ní Kútọnu tàbí Pọ́tó-Nófò ṣiṣẹ́ tún ní ewu mìíràn níbí. Ìlànà Faransé ni wọ́n fi ń kọ òǹkà níbẹ̀: kọ́mà ni wọ́n fi ń ya odidi iye sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá, wọn a sì fi àlàfo ya ẹgbẹ̀rún. Ohun tí wọ́n kọ ní 1,500 lè jẹ́ ẹyọ kan àti ààbọ̀, nígbà tí ará Ìbàdàn á kà á sí ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ohun tí wọ́n ń pè ní mílíyáàdì ni àwa ń pè ní bílíọ̀nù. Bílíọ̀nù ti Faransé fúnra rẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù tiwa. Tí ìjábọ̀ bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, mi ò ní ka òǹkà kan ṣoṣo kí n tó béèrè irú ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́. Ti sẹ́fà ní ìtura kan, nítorí iye rẹ̀ sí yúrò kì í yí: 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan. Náírà kò ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó sì ti lé ní ₦1,500 ní ìparí 2024. Ìjábọ̀ tó bá sọ owó náírà di dọ́là láì kọ ọjọ́ tí wọ́n mú iye pàṣípààrọ̀, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn èyí ni ìròpọ̀. Mo máa ń ro àtẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n sì yọ èyí tó yẹ kó yọ. Tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ìlà méjì yìí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ tiwa, bí ọdún 2023 bá wà ní òpó B, tí 2024 wà ní òpó C, tí àkọlé sì wà ní ìlà kìn-ín-ní:

```
=SUM(C2:C4)-C5
=(C5-B5)/B5
```

Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fún wa ní òdo. Tí kò bá fún wa ní òdo, iye tó jáde fúnra rẹ̀ máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá dọ́gba gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ọ̀kan nínú iye inú àtẹ, wọ́n ti gbàgbé ìlà yẹn ni. Ó sì lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ka iye náà sí ọ̀rọ̀ lásán, torí pé SUM kì í ro ohun tó bá rí bí ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ iye, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fò ó. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po méjì iye kan, wọ́n ti rò ó pọ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n ti yọ ọ́, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ níbi tó yẹ kí wọ́n rò ó pọ̀. Bí ó bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láì ṣẹ́kù, ẹ fura pé ẹnìkan ti pààrọ̀ ipò òǹkà méjì. Màá padà sórí èyí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìlà tí a gbàgbé. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, kọ ìwé lórí gbèsè ìjọba àti bí ọrọ̀ ajé ṣe ń dàgbà. Àwọn olóṣèlú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbé ìwé náà gẹ̀gẹ̀. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, gba ojú-ewé ìṣirò wọn, ó sì rí i pé ibi tí wọ́n ti ń wá ìpíndọ́gba kò dé ìsàlẹ̀ àtẹ. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ṣẹ́kù síta. Àríyànjiyàn mìíràn wà lórí bí wọ́n ṣe yan iye tí wọ́n lò, àmọ́ ti àwọn márùn-ún yìí kò ní àríyànjiyàn nínú, àwọn òǹkọ̀wé náà gbà pé àṣìṣe ni. Ẹni tó bá tẹ àyè ìpíndọ́gba yẹn, tó sì wo ibi tí ó parí sí, ì bá ti rí i lójú ẹsẹ̀.

Àtẹ ẹgbẹ́ wa kò ní ìṣòro yìí. Ọdún méjèèjì rò pọ̀ dáadáa, èrè sì bá ohun tó kù lẹ́yìn ìnáwó mu. Ó tún ku ohun kan: òpó 2023. Ẹ mú ìjábọ̀ ọdún tó kọjá, èyí tí wọ́n ti pín fún ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì fi òpó yìí wé e. Bí 25,800 bá ti di 25,300 láàárín ọdún kan, ó gbọ́dọ̀ ní àlàyé ní ìsàlẹ̀ ìwé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìwé pọ̀ ju bí àwọn aláṣẹ ṣe rò lọ.

Ìdá ọgọ́rùn-ún ló kàn báyìí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń pẹ́ jù. Akọ̀wé sọ pé owó tó wọlé fi 19.4% pọ̀ sí i. Ìlà kejì nínú ìṣirò òkè yẹn fún wa ní 0.2403, ìyẹn 24%. Kí ló dé tí 19.4% fi jáde? Iye tó fi pọ̀ jẹ́ 6,200. Tí a bá pín 6,200 sí 25,800, tó jẹ́ ti ọdún àtijọ́, a ó rí 24%. Tí a bá pín in sí 32,000, tó jẹ́ ti ọdún tuntun, a ó rí 19.4%. Ìpìlẹ̀ tí kò tọ́ ló fi ṣe ìṣirò. Nígbà tí a bá ń sọ bí nǹkan ṣe yí padà láti ìgbà dé ìgbà, ìgbà àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀. Mi ò kàn ń kọ “kò tọ́” sí ẹ̀gbẹ́ iye bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wá bí wọ́n ṣe rí i, nítorí tí akọ̀wé bá lo ìpìlẹ̀ òdì ní ibì kan, ó ṣeé ṣe kó ti lò ó ní gbogbo ibi tó ku nínú ìwé, tí mo bá sì ti mọ̀ ọ́n, mo mọ ohun tí mo máa wá.

Ìlọ́po náà máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Owó tó kúrò ní ₦10 mílíọ̀nù tó di ₦30 mílíọ̀nù ti di ìlọ́po mẹ́ta, àmọ́ 200% ló fi pọ̀ sí i, kì í ṣe 300%. Bí ẹgbẹ́ bá sì pàdánù ₦2 mílíọ̀nù lọ́dún tó kọjá tó wá jèrè ₦3 mílíọ̀nù lọ́dún yìí, kò sí ìdá ọgọ́rùn-ún kankan tó ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ ọ́ pé a kúrò nínú àdánù báyìí sí èrè báyìí.

Ó wá kan gbólóhùn tó ní ìdá èrè fi 3% dín kù. Ní 2023, èrè 10,320 nínú owó 25,800 jẹ́ 40%. Ní 2024, èrè 11,840 nínú 32,000 jẹ́ 37%. Láti 40% sí 37%, pọ́ìǹtì mẹ́ta ló fi wálẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ìdá ọgọ́rùn-ún sọ ọ́, mẹ́ta nínú ogójì jẹ́ 7.5%. Nítorí náà “pọ́ìǹtì mẹ́ta” tọ̀nà, “7.5%” tọ̀nà, “3%” kò tọ̀nà, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ á rò pé ìdá èrè ṣì wà ní 38.8%. Nígbàkígbà tí ohun tó ń yí padà bá ti jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀, pọ́ìǹtì ni kí a fi sọ ìyípadà náà.

Ọ̀rọ̀ èlé báńkì ni ibi tí àwọn oníròyìn wa ti ń ṣe àṣìṣe yìí jù. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé èlé tí wọ́n fi ń darí owó láti 18.75% sí 22.75%. Pọ́ìǹtì mẹ́rin ni, ìyẹn irínwó bésíìsì pọ́ìǹtì, nítorí ọgọ́rùn-ún bésíìsì pọ́ìǹtì ló wà nínú pọ́ìǹtì kan. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé èlé fi 4% lọ sókè ti sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Tí a bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún sọ ọ́, 21.3% ló fi lọ sókè. Bí ẹ bá rí “4%” àti “400” nínú ìjábọ̀ kan náà, ẹ béèrè èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Ní oṣù kan náà ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Lyft tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò gbé ìjábọ̀ owó rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 13, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdá èrè òun á fi 500 bésíìsì pọ́ìǹtì gbòòrò ní 2024. 50 ni wọ́n fẹ́ kọ. Òdo kan ló lé. Iye ìpín ilé-iṣẹ́ náà fò sókè ju 60% lọ lẹ́yìn tí ọjà ti tú lọ́jọ́ náà, kí olórí ètò ìnáwó wọn, Erin Brewer, tó ṣàtúnṣe rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òǹkà náà kò ṣòro láti fura sí. Ìdá èrè tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kò tó 2% ní 2023. Kí ó fi pọ́ìǹtì márùn-ún pọ̀ sí i nínú ọdún kan á mú un ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, nínú òwò tí èrè kò tóbi rárá. Bí ẹnìkan bá fi iye tuntun náà ro ohun tí ìdá èrè máa dà ní òpin ọdún, òdo kejì yẹn ì bá ti hàn.

Ó ku owó àyálò. Akọ̀wé kọ ₦293.2 mílíọ̀nù, kò sì sí nínú àtẹ tí a ní lọ́wọ́. Àmọ́ ó fún wa ní ohun tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò: ó ní èlé jẹ́ 10%. Èlé 10% lórí ₦293.2 mílíọ̀nù jẹ́ ₦29.32 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ₦23.92 mílíọ̀nù ló wà nínú àtẹ. Ẹ yí i padà: bí èlé 23,920 bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, owó àyálò náà jẹ́ 239,200. Ìyàtọ̀ láàárín 293,200 àti 239,200 jẹ́ 54,000, 54,000 sì ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láì ṣẹ́kù. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ ìwé ló pààrọ̀ 3 àti 9. Òfin mẹ́sàn-án yìí kò kùnà rí tí òǹkà méjì bá ti pààrọ̀ ipò, àmọ́ ìyàtọ̀ mìíràn lè ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láì sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà àmì ìfura ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó wà níbí ni pé èlé bá 239,200 mu, òfin mẹ́sàn-án sì tọ́ka sí ibẹ̀ bákan náà. Ìwé owó àyálò tó wà lọ́wọ́ akápò ni yóò fi òpin sí i.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tó jọ àṣìṣe kì í ṣe àṣìṣe. Ká ní àwòrán iwájú ìwé pín owó tó wọlé ní 2024 báyìí: èlé 74.8%, ọjà 22.3%, ìforúkọsílẹ̀ àti ìtanràn 3.0%. Ẹ rò ó pọ̀, 100.1% ni. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà. 74.75 di 74.8, 22.28 di 22.3, 2.97 di 3.0, gbogbo wọn ni a gbé sókè díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ náà ló sì kó jọ. Mo ti rí àwọn tó máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò lára ọ̀kan kí ó lè pé ọgọ́rùn-ún. Mi ò fara mọ́ ọn, torí ẹni tó bá fi àtẹ ṣe ìṣirò á rí i pé iye náà kò bá a mu. Ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán pé a ti gé ìdá kéékèèké, kí ẹ sì fi iye sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ tí ìdá mẹ́ta bá rò pọ̀ di 103%, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígé ìdá mọ́.

Nígbà tí gbogbo òǹkà bá ti bá ara wọn mu, ìbéèrè kan ṣì kù: ṣé ohun tí wọ́n sọ jọ ayé tí a wà? Owó tó wọlé fi 24% pọ̀ sí i, alága sì lè fẹ́ pè é ní ìdàgbàsókè ńlá. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè sọ pé ní oṣù Kejìlá 2024, iye ọjà ti fi 34.80% wọ́n ju ti oṣù Kejìlá 2023 lọ. Tí a bá pín 1.24 sí 1.348, 0.92 ló kù. Ohun tí owó ẹgbẹ́ lè rà ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún dín kù nígbà tí owó fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Òǹkà 24% tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ “ìdàgbàsókè ńlá” ni kò tọ̀nà. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tó fẹ́ lo iye ọ̀wọ́ngógó ṣọ́ra o. Fún oṣù Kìn-ín-ní 2025, Àjọ náà kéde 24.48%. Ó dà bí ẹni pé ọ̀wọ́ngógó já wálẹ̀ pẹ̀lú pọ́ìǹtì mẹ́wàá láàárín oṣù kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Àjọ náà yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ padà láti 2009 sí 2024, ó sì tún ṣe àtúnṣe sí àwọn ọjà tí ó ń kà. 34.80 àti 24.48 kò wá láti orí ìwọ̀n kan náà, ìjábọ̀ tó bá fi ìlà kan so wọ́n pọ̀ nínú àwòrán ti ṣi àwọn tó ń kà á lọ́nà. Ẹ wá ọjọ́ tí ìwọ̀n yí padà nínú gbogbo òǹkà tó bá wá láti òde, kí ẹ tó fi ti àná wé ti òní.

Nígbà tí mo bá ti rí àwọn nǹkan wọ̀nyí, mi ò ní fọwọ́ ara mi tún iye kankan ṣe. Òǹkọ̀wé lè mọ ohun tí mi ò mọ̀, ó sì lè jẹ́ àtẹ ló ṣìnà tí ọ̀rọ̀ tọ̀nà. Ìbéèrè ni mo ń kọ, mo ń kọ ibi tí mo ti rí i, ohun tí mo rí àti ìṣirò mi. Fún owó àyálò, ohun tí mo máa kọ ránṣẹ́ sí akápò ni: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ní ojú ewé 3, wọ́n kọ ₦293.2 mílíọ̀nù, èlé 10%. Èlé tó wà ní ojú ewé 7 jẹ́ ₦23.92 mílíọ̀nù, èyí tó bá ₦239.2 mílíọ̀nù mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé owó àyálò, èwo ni ká fi sílẹ̀?” Akápò tó gba irú ìbéèrè yìí mọ ìwé tí yóò ṣí, kì í sì í rò pé wọ́n ń fẹ̀sùn kan òun.

Bí ìdáhùn bá dé, iṣẹ́ ò tíì parí, torí iye kan tí a tún ṣe máa ń fa òmíràn. Bí owó tó wọlé bá yí padà, àpapọ̀ yí padà, èrè yí padà, ìdá èrè yí padà, àwòrán iwájú ìwé yí padà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ alága. Ẹ wá iye àtijọ́ jákèjádò ìwé, pàápàá ní àkọlé àti ní abẹ́ àwòrán, ibi tí ojú máa ń fò. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ro àtẹ lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ alága tó yẹ kó jáde nínú ìjábọ̀ àpẹẹrẹ wa ni pé owó tó wọlé jẹ́ ₦32 mílíọ̀nù, ó fi 24% ju ti 2023 lọ. Owó àyálò jẹ́ ₦239.2 mílíọ̀nù ní ìpíndọ́gba, pẹ̀lú èlé 10%. Èrè pọ̀ sí i láti ₦10.32 mílíọ̀nù sí ₦11.84 mílíọ̀nù, ìdá rẹ̀ nínú owó tó wọlé sì fi pọ́ìǹtì mẹ́ta wálẹ̀, láti 40% sí 37%. Ìnáwó tó fi 30% lọ sókè ló fà á. Akọ̀wé kò mẹ́nu ba ìnáwó rárá nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ohun náà gan-an sì ni ó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ béèrè ní ìpàdé.